Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè so iye dọ́là mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fọ́wáàdì

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka òwò òkè òkun ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, àwọn oníṣòwò láti Ararọ̀mí ní Gáàtì, láti Ògùnpa àti Gbági Tuntun ló ń kó ìwé wá bá mi nílé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé gba oríṣiríṣi ọ̀nà: èló ni dọ́là máa jẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ sanwó ọjà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ lè bá báńkì fẹnu kò lónìí sórí iye tí ẹ̀yin máa rà á lọ́jọ́ náà. Àdéhùn yẹn ni wọ́n ń pè ní fọ́wáàdì.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa lò títí dé òpin. Ìyá kan ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ararọ̀mí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Oníbẹ́rìn. Ó fẹ́ ra bẹ́rìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ 4,000 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, dọ́là 5 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ dọ́là 20,000. Ilé iṣẹ́ náà gbà kó san owó náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn iye tí mo lò kì í ṣe iye tòní o. Èyí tó máa rọrùn láti ṣírò ni mo yàn: ká ní dọ́là kan jẹ́ náírà 1,500 lọ́jọ́ tí ó lọ sí báńkì.

Kí ni fọ́wáàdì gan-an?

Ẹ ti rí àwọn obìnrin tó máa ń lọ sóko lọ ra ọsàn lórí igi. Wọ́n á wo igi, wọ́n á dá iye lé e, ọjọ́ tí ọsàn bá pọ́n ni wọ́n á lọ ká a. Tí ọsàn bá wọ́n gógó lọ́jà lọ́jọ́ náà, olóko ò lè ní òun ń fowó lé e. Tó bá sì kún ìgboro, obìnrin náà ò lè ní òun ò rà mọ́.

Bí fọ́wáàdì ṣe rí nìyẹn, àyàfi pé ẹni tó ń ra ọsàn sábà máa ń sanwó sílẹ̀. Nínú fọ́wáàdì, kò sẹ́ni tó ń san iye ọjà lọ́jọ́ àdéhùn. Ohun mẹ́ta lẹ̀ ń kọ sínú ìwé: iye dọ́là, ọjọ́ tí ẹ máa gbà á, àti iye náírà tí ẹ máa fi ra ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tó pé, ẹ̀yin kó náírà wá, báńkì fi dọ́là ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ọjà fún yín. Ti Ìyá Oníbẹ́rìn kà báyìí: dọ́là 20,000, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, náírà 1,565. Náírà 31,300,000 ló máa kó wá lọ́jọ́ náà, bóyá dọ́là gòkè ni o, bóyá ó wálẹ̀.

Kì í ṣe àwìn, kì í sì í ṣe owó yíyá. Kì í sì í ṣe àǹfààní tí èèyàn lè mú tàbí kó fi sílẹ̀. Ọ̀ranyàn ni fún tọ̀tún tòsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá báńkì jà nítorí fọ́wáàdì, ibí yìí gan-an ni kò yé wọn.

Oṣù mẹ́ta péré ni. Ṣé kò ní dáa kí n kúkú dúró wò ó?

Ẹ rántí oṣù kẹfà ọdún 2023. Lọ́jọ́ 14 oṣù yẹn, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí báńkì ń tà ní nǹkan bí náírà 470 kọjá 600 láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ta gbogbo ọjà rẹ̀ tán pẹ̀lú ìṣirò 470, tó wá kù kó san dọ́là fún òyìnbó, kò lè padà lọ bá oníbàárà kó ní kó fowó kún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọjà Ìyá Oníbẹ́rìn máa dé Lẹ́kì tàbí Apápá kí owó tó pé, á ti máa tà á. Iye tó bá kọ sára bẹ́rìn lónìí, àfi kó ní ìdí kan tó dúró lé. Tó bá so dọ́là mọ́lẹ̀ ní 1,565, ó mọ̀ pé owó ilé iṣẹ́ lórí bẹ́rìn kan jẹ́ náírà 7,825, á wá gbé owó ọkọ̀ ojú omi, owó aṣọ́bodè àti èrè tirẹ̀ lé e. Tí kò bá so ó, bí dọ́là bá jẹ́ 1,700 lọ́jọ́ ìsanwó, bẹ́rìn tó ti tà lọ yẹn ti di ohun tí òun fúnra rẹ̀ rà ní náírà 8,500. Náírà 675 ló ti bá ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Kí ló dé tí báńkì fi ní 1,565 nígbà tí dọ́là jẹ́ 1,500 lónìí? Ṣé wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀ ni?

Wọn ò mọ nǹkan kan. Bíi wòlíì làwọn èèyàn ń rí iye fọ́wáàdì, bẹ́ẹ̀ ìṣirò èlé ni. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ẹni tí èyí bá yé, báńkì ò lè fi ọ̀rọ̀ yí i lórí mọ́.

Ẹ ronú nípa ohun tí báńkì máa ṣe lẹ́yìn tí Ìyá Oníbẹ́rìn bá jáde. Ó ti ṣèlérí dọ́là 20,000 fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí báńkì bá jókòó lásán, òun náà ti gbé ewu lórí. Nítorí náà, ó máa ra dọ́là lónìí, á fi sí ibi tó ti ń pa èlé títí ọjọ́ á fi pé. Ká ní èlé dọ́là jẹ́ 4 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn 1 nínú 100 fún oṣù mẹ́ta. Kò nílò láti ra 20,000 pé. Dọ́là 19,802 ti tó, èlé máa sọ ìyókù di odidi.

Náírà wo ló máa fi rà á? Owó tó jẹ́ pé ó ń san èlé lé e lórí, tàbí owó tí ì bá ti yá ẹlòmíràn. Dọ́là 19,802 ní 1,500 jẹ́ nǹkan bí náírà 29,703,000. Ká ní èlé náírà jẹ́ 20 nínú 100 lọ́dún, ìyẹn 5 nínú 100 fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, owó yẹn ti di nǹkan bí náírà 31,188,000 lọ́rùn báńkì. Ẹ pín in sí dọ́là 20,000, ẹ máa rí náírà 1,559 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni báńkì ò ti jèrè, tí kò sì pàdánù. Náírà 6 tó kù kó di 1,565 ni èrè rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é lórí fóònù yín, ìlà kan ni:

```
F = S × (1 + n × 3/12) ÷ (1 + d × 3/12)
1500 × 1.05 ÷ 1.01 = 1559.41
```

F ni iye fọ́wáàdì, S ni iye dọ́là òní, n ni èlé náírà lọ́dún, 0.20 níbí, d ni èlé dọ́là lọ́dún, 0.04 níbí.

Níwọ̀n ìgbà tí èlé náírà bá ga ju ti dọ́là lọ, fọ́wáàdì máa wọ́n ju iye òní lọ ni. Kò túmọ̀ sí pé báńkì rò pé náírà máa ṣubú. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé rẹ̀ láti 18.75 lọ sí 22.75 nínú 100 ní oṣù kejì ọdún 2024, ìṣirò yìí nìkan ti tó láti jẹ́ kí àlàfo àárín iye òní àti iye fọ́wáàdì fẹ̀ sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tí báńkì bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ?

Ẹ má béèrè iye fọ́wáàdì nìkan. Ẹ ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n ń ta dọ́là lónìí àti iye fọ́wáàdì papọ̀, ní wákàtí kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sẹ́yìn nínú ìṣirò òkè yẹn láti wá èlé náírà tó fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ká ní báńkì kejì pe 1,640 fún Ìyá Oníbẹ́rìn, pẹ̀lú 1,500 kan náà gẹ́gẹ́ bí iye òní. Ẹ fi 1.01 sọ 1,640 di púpọ̀, ẹ fi 1,500 pín in: 1.104 ló máa jáde. Èyí ni pé èlé náírà inú rẹ̀ ju 10 nínú 100 lọ fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn bí 41 tàbí 42 lọ́dún. Ẹni tó ń san 41 lórí fọ́wáàdì nígbà tí báńkì kan náà ń yá èèyàn lówó ní 30, ó yẹ kó béèrè ìdí. Nígbà mìíràn, ìdí máa ń wà: dọ́là wọ́n lọ́jà, báńkì náà ò sì rí i rà fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n kàn wò yín lójú ni. Mo ti jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn rí, mo mọ̀ pé oníbàárà tó bá mú ìṣirò dání, iye mìíràn ni wọ́n ń pè fún un.

Kí ni báńkì máa béèrè lọ́wọ́ mi?

Ìdí òwò ni àkọ́kọ́. Wọn ò ní ta fọ́wáàdì fún ẹni tó kàn fẹ́ fi dọ́là ta tẹ́tẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ní Fọ́ọ̀mù M, ìyẹn ìwé tí ẹni tó fẹ́ kó ọjà wọlé láti òkè òkun ń kọ, tí báńkì náà ti fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé iye ọjà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ìwé ìbánigbófò láti ilé iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà níbí, àti ìwé SONCAP, tó ń fi hàn pé ọjà bá ìlànà Nàìjíríà mu, fún irú ọjà bíi páàtì ọkọ̀. Ẹ ṣe Fọ́ọ̀mù M kí ọjà tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ibì kan wà lórí Fọ́ọ̀mù M tí ẹ ti ń sọ bóyá báńkì ló máa pèsè dọ́là ọjà náà tàbí ẹ̀yin fúnra yín ló máa wá a. Àwọn aṣojú kan máa ń tètè mú èkejì torí pé ó máa ń yá. Ẹni tó bá mú èkejì ti ti ilẹ̀kùn fọ́wáàdì mọ́ ara rẹ̀. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí oníṣòwò kó ìwé tó pé pérépéré wá, tó jẹ́ pé ibi kékeré yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ohun kejì ni owó ìdógò. Tí báńkì ò bá mọ̀ yín dáadáa débi tó fi lè gbà yín gbọ́ láìsí nǹkan, ó máa ní kí ẹ fi ìdá kan sílẹ̀. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ká mú 10 nínú 100. Ìyá Oníbẹ́rìn máa fi náírà 3,130,000 sílẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nínú 31,300,000 lọ́jọ́ ìsanwó. Owó yẹn ò lọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ra ọjà láàárín oṣù mẹ́ta.

Ohun tí wọ́n kì í sábà ṣàlàyé nìyí: tí dọ́là bá wálẹ̀ gan-an kí ọjọ́ tó pé, báńkì lè ní kí ẹ fi kún ìdógò. Ká ní ó jábọ́ sí 1,400. Tí ẹ bá sá lọ, báńkì máa ta dọ́là 20,000 náà ní 1,400, á pàdánù náírà 165 lórí ẹyọ kan, ìyẹn 3,300,000. Ìdógò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò tó o mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa pè yín. Ẹ ka ojú ewé tó sọ̀rọ̀ ìdógò kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ wo ni mo máa kọ sínú àdéhùn?

Ọjọ́ tí owó máa pé ní tòótọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ó wù yín. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń fúnni ní oṣù mẹ́ta, 90 ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó wà lórí bíèlì, ìyẹn ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kọ nígbà tí ẹrù wọ ọkọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ dúnàádúrà, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹrù dé Èkó.

Wọ́n sọ fún Ìyá Oníbẹ́rìn pé ọjà máa wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù kẹta. Ó ka 90 ọjọ́, ó bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ó sì fọwọ́ sí fọ́wáàdì lọ́jọ́ 12 yẹn gan-an. Nígbà tí bíèlì dé, ọjọ́ 26 oṣù kẹta ló wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ ìsanwó ti sún sí 24 oṣù kẹfà, bẹ́ẹ̀ fọ́wáàdì rẹ̀ ṣì dúró sórí 10.

Kí ló lè ṣe sí ọjọ́ 14 tó ṣẹ́kù yẹn?

Tó bá ní náírà lọ́wọ́, kó gba dọ́là lọ́jọ́ 10, kó sanwó ṣáájú, kó sì ní kí ará Ṣáínà dín díẹ̀ kù fún un nítorí pé ó yá. Àmọ́ ìdajì bẹ́rìn ló ṣì wà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, náírà ò tíì pé.

Ọ̀nà kejì ni kó sún fọ́wáàdì síwájú. Báńkì ò ní kàn pa 10 rẹ́ kó kọ 24. Ohun tó máa ṣe ni pé ó máa pa àdéhùn àtijọ́ dé ní iye ọjà ọjọ́ náà, á sì ṣí tuntun. Ká ní dọ́là jẹ́ 1,600 lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà. Báńkì ka dọ́là 20,000 sí pé òun tà á padà ní 1,600, èrè Ìyá Oníbẹ́rìn jẹ́ náírà 35 lórí ẹyọ, 700,000 náírà. Fọ́wáàdì tuntun ti ọjọ́ 14 máa jẹ́ nǹkan bí 1,610, ìyẹn 32,200,000. Yọ 700,000 kúrò, ó ku 31,500,000. Gbogbo àyípadà ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ná an ní náírà 200,000.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní dọ́là wálẹ̀ sí 1,490. Pípa àdéhùn àtijọ́ dé máa jẹ gbèsè náírà 75 lórí ẹyọ, ìyẹn 1,500,000, fọ́wáàdì tuntun sì máa wà ní 1,500, 30,000,000. Ẹ rò ó pọ̀: 31,500,000 kan náà ni. Àpapọ̀ rẹ̀ ò yí padà. Ṣùgbọ́n 1,500,000 yẹn, lójú ẹsẹ̀ ni báńkì máa gbà á, lọ́jọ́ 10, nígbà tí ọjà ò tíì tán. Àìmọ̀ èyí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín báńkì àti oníṣòwò. Oníṣòwò á ní wọ́n jà á lólè, bẹ́ẹ̀ owó pípa àdéhùn àtijọ́ dé ni.

Ọ̀nà tó dáa jù ni kó ti gbà fọ́wáàdì tó ní àyè láti ìbẹ̀rẹ̀: kí báńkì jẹ́ kó lè mú dọ́là lọ́jọ́ èyíkéyìí láàárín 10 sí 24 oṣù kẹfà. Báńkì máa fi iye ọjọ́ tó jìnnà jù lé e lórí, torí náà ó máa fi nǹkan bí náírà 9 tàbí 10 kún iye ẹyọ kan. Kò ju owó tí sísún síwájú máa ná an lọ, kò sì ní sí ẹni tó máa pè é fún 1,500,000 lójijì. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń gba orí omi wá, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó mú ọjọ́ kan ṣoṣo.

Tí dọ́là bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ẹ ṣì máa san 31,300,000. Tó bá jẹ́ 1,480 lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò so tirẹ̀ mọ́lẹ̀ máa san 29,600,000. Náírà 1,700,000 lẹ fi ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò já mọ́ nǹkan. Tí aládùúgbò yín ní Ararọ̀mí bá ra irú bẹ́rìn kan náà láìso dọ́là mọ́lẹ̀, owó ilé iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ náírà 7,400 nígbà tí tiyín jẹ́ 7,825. Ó lè ta ẹyọ kan ní iye tó fi náírà 425 dín sí tiyín, kó sì ṣì jèrè tó èyí tí ẹ ń jẹ. Àwọn mẹkáníìkì Ìbàdàn á rin ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá nítorí 200 náírà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń ní kí oníṣòwò wo èrè rẹ̀ kó tó pinnu iye tó máa so. Tí èrè orí ọjà bá tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé dọ́là 1,700 lè gbé owó ìdókòwò lọ, kó so gbogbo rẹ̀. Tí ọjà náà bá jẹ́ irú èyí tí gbogbo ọjà máa ń yí iye rẹ̀ padà bí dọ́là bá ṣe ń lọ, kó so ìdajì tàbí bíi 12,000 nínú 20,000, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ìyá Oníbẹ́rìn wà láàárín: ó ní àwọn oníbàárà tó ti bá dá iye oṣù mẹ́ta, bíi ilé iṣẹ́ akérò kan. Ọjà tó jẹ́ tiwọn gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́wáàdì pátápátá, torí kò lè yí iye rẹ̀ padà fún wọn mọ́.

Ṣé báńkì lè sọ pé kò sí dọ́là lọ́jọ́ tó bá pé?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ta fọ́wáàdì fún àwọn báńkì nítorí àwọn oníbàárà wọn, ọjọ́ pé, dọ́là ò dé. Nígbà tí Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ tuntun, Olayemi Cardoso, dé ní ọdún 2023, gbèsè dọ́là tó wà nílẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 7. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ní àyẹ̀wò ìwé fi hàn pé bí bílíọ̀nù 2.4 nínú rẹ̀ ní àléébù. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn ti san èyí tó tọ́ tán. Láàárín ìgbà tí wọ́n ń dúró yẹn, àwọn kan ti san náírà wọn, ará òkèèrè tó ń retí dọ́là ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ Báńkì Àpapọ̀.

Nítorí náà, ẹ bi báńkì yín ní ìbéèrè kan tó lágbára: "Tí ọjọ́ bá pé, dọ́là yín ni ẹ máa fún mi, tàbí ẹ̀yin náà ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn?" Kí ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ìwé, pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa san tí wọ́n bá pẹ́. Ẹ tún rí i pé àdéhùn sọ pé náírà yín ò ní kúrò nínú àpò yín títí di ọjọ́ tí dọ́là bá ṣe tán. Ẹni tó ti san 31,300,000 tí kò rí dọ́là gbà ti gbé ewu méjì lórí ara kan.

Mo gbọ́ pé irú kan wà tí wọn kì í fún èèyàn ní dọ́là rárá, náírà ni wọ́n ń san.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí FMDQ, ọjà kan ní Èkó tí wọ́n ti ń ṣòwò owó òkèèrè. Nínú rẹ̀, àlàfo àárín iye àdéhùn àti iye ọjà ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n ń san, ní náírà. Tí àdéhùn bá wà ní 1,565, tí iye ọjà báńkì jẹ́ 1,700, wọ́n san náírà 135 lórí ẹyọ fún yín, 2,700,000. Ẹ̀yin á wá lọ ra dọ́là fúnra yín ní 1,700, ìyẹn 34,000,000. Ẹ yọ 2,700,000, 31,300,000 ló kù. Ó bára mu.

Ṣùgbọ́n ó bára mu tí ẹ bá rí dọ́là rà ní iye báńkì yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sábo lẹ ti rí i, tí wọ́n ń tà á ní 1,740 níbẹ̀, àdéhùn yín ò mọ̀ nípa 40 tó lé. Náírà 800,000 máa jáde láti àpò yín. Ẹni tó ń ra ọjà wọlé ń fẹ́ dọ́là gan-an, kì í ṣe àlàfo, nítorí náà irú èyí tí wọ́n ti ń fúnni ní dọ́là ló bá a mu jù.

Ṣé fọ́wáàdì bo owó aṣọ́bodè náà?

Rárá. Aṣọ́bodè ní iye dọ́là tirẹ̀ tó fi ń ṣírò owó orí ọjà, náírà lẹ sì ń fi san án. Fọ́wáàdì Ìyá Oníbẹ́rìn kò kọjá dọ́là 20,000 ti ilé iṣẹ́.

Tí ará Ṣáínà bá fagi lé ọjà ńkọ́, nígbà tí fọ́wáàdì ti wà nílẹ̀?

Báńkì máa pa á dé ní iye ọjà ọjọ́ náà. Tí dọ́là bá ti kọjá 1,565, èrè ló wà níbẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, gbèsè ni. Ẹ tètè sọ fún wọn, lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá dúró de ọjọ́ ìsanwó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ọjà tí kò sí mọ́.

Dọ́là 3,000 péré ni ọjà tèmi. Ṣé báńkì máa dá mi lóhùn?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dá yín lóhùn, torí iṣẹ́ ìwé 3,000 kò kéré sí ti 300,000. Ohun tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́ ni pé kí oníṣòwò bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà gba orúkọ ilé iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Fọ́ọ̀mù M kan, fọ́wáàdì kan. Ẹ kọ ìwé láàárín ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ń san ìdógò, ta ló ń gbé gbèsè tí ọ̀kan bá yọwọ́. Tí ẹ ò bá lè fọkàn tán ara yín débi yẹn, ẹ bẹ ará Ṣáínà náà kó dín oṣù mẹ́ta kù sí oṣù kan, kó sì dín iye ọjà kù fún yín. Láàárín oṣù kan, ẹ ó mọ ibi tí dọ́là yín wà.